Nọ́ńbà Wo Lẹ Máa Kó? Bí A Ṣe Ń Fi Èsúsú Wé Àkáǹtì Báǹkì Kí A Tó Dá Owó

Ẹni mẹ́wàá ni wá nínú èsúsú tí mo ń bá wọn kọ ìwé rẹ̀ ní Òkè-Àrín, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Oníkálukú ń dá ₦50,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á sì kó ₦500,000. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ṣe kẹ́yìn, ní oṣù kẹta, a ká ìwé pélébé mẹ́wàá sínú ike kan, oníkálukú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú tirẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ mú nọ́ńbà kẹwàá. Ó tú ìwé náà, ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n má kúkú gbé owó tèmi lọ sí báǹkì báyìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo mú bírò àti ìwé, mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ìyá náà kò ṣe àwàdà. Báǹkì àti èsúsú kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi wé ara wọn ní gbólóhùn kan ṣoṣo, nítorí pé èèyàn mẹ́wàá tó wà nínú èsúsú kan náà kò ṣe ohun kan náà. Ẹni tó kó nọ́ńbà kìn-ín-ní kò fi owó pamọ́ rárá. Owó ló yá, kò sì san èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló fi owó pamọ́, òun náà ló sì yá àwọn yòókù lówó láìgba kọ́bọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá èsúsú dára ju báǹkì lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà tí ẹ máa kó. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ èyí tí wọ́n pè yín sí

Ní Èkó, ohun méjì ni ẹnu wa ń pè ní àjọ. Ọ̀kan ni ti alájọ tó ń yí ọjà ká láràárọ̀ pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fa ilà ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí. Ẹ̀ ń fún un ní ₦1,000 lójúmọ́, ó ń fi bírò sàmì sí ojú kan. Tí ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá pé, ₦31,000 lẹ ti dá, ₦30,000 lẹ máa gbà, ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ẹ̀yin lẹ ń sanwó kí wọ́n tó bá yín pa owó mọ́. Èmi kò bú ẹni tó ń ṣe é, nítorí alájọ ń bá a dé ìdí ọjà, kò ní ti ṣọ́ọ̀bù lọ tò ní báǹkì nítorí ₦1,000. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé owó yín kò dàgbà níbẹ̀, ó dín kù ni. Gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Èkejì ni èsúsú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní àjọ náà: ẹgbẹ́ kan ń dá owó kan náà lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kan ń kó gbogbo rẹ̀, ó ń yí kárí. Owó kì í sùn sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni bí wọ́n bá ń ṣe é bó ṣe yẹ. Èyí ni mo ń sọ̀rọ̀ lé láti ibí lọ.

Bí wọ́n bá pè yín sí ẹ̀kẹta, tí wọ́n ní ẹ dá ₦50,000 kí ẹ lè gba ₦80,000 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn kì í ṣe àjọ, kì í sì ṣe èsúsú. Nínú èsúsú, iye tí ẹ bá dá náà lẹ máa kó, kò lé, kò dín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ oṣù tí ẹ nílò owó náà sílẹ̀

Kí ẹ tó mú nọ́ńbà, ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún àti oṣù tí ẹ fẹ́ ẹ. Owó ilé tó máa pé ní oṣù kìíní, owó ilé-ìwé tó máa pé ní oṣù kẹsàn-án, ọjà tí ẹ fẹ́ rà kí ọdún tó dé. Tí ẹ bá fa ìlà láti oṣù tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà tó bá oṣù náà mu. Oṣù kẹta ni tiwa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà keje bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, nọ́ńbà kẹwàá sì bọ́ sí oṣù kejìlá.

Tí ẹ kò bá lè dárúkọ oṣù kankan, tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ní owó nílẹ̀ nítorí àìsàn tàbí nítorí táyà ọkọ̀ tó lè bẹ́ nígbàkígbà, èsúsú kọ́ ni ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ máa gbé. Báǹkì ni. Kò sí olórí èsúsú tó máa fún yín ní ₦500,000 ní oṣù kẹrin nítorí pé ara ọmọ kò yá, bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ ìkẹsàn-án. Ohun tó wà ni pé kí ẹ bẹ ẹni tó kàn kí ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà, òun náà sì lè ní ohun tó fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe.

Àwọn kan ń sọ pé àìrí owó gbà yẹn gan-an ni oore èsúsú, torí pé owó tó wà nínú fóònù kì í pẹ́ kó tó tán. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo mọ ara mi. Owó tí mo lè fi tíráńsífà ránṣẹ́ ní aago méjìlá òru, mo máa fi ránṣẹ́ ni.

Báǹkì náà sì lè dí o. Ẹ ò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún nínú àkáǹtì ń fi òòjọ́ tò nítorí ₦5,000. Èsúsú kò gbani nígbà náà, nítorí àwa náà kò rí owó bébà dá. A sún ọjọ́ ìdáwó síwájú, nígbà tó yá a bọ́ sórí tíráńsífà, a kò sì padà mọ́ láti ìgbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò iye tí nọ́ńbà yín jẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyá ẹlẹ́ja ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye èlé tí àkáǹtì ìfowópamọ́ ń san. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ni pé èlé ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 30 nínú 100 ti èlé ìpìlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kéde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, èlé ìpìlẹ̀ yẹn wà ní 27.5 lórí 100, ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ sì jẹ́ 8.25. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 27 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó di 8.1. Kí ìṣírò lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká mú un ní ₦8 lórí ₦100 lọ́dún. Tí wọ́n bá ti yí i padà nígbà tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà ìṣírò kò yí padà.

Tí ìyá ẹlẹ́ja bá ń fi ₦50,000 sí báǹkì lóṣooṣù láti oṣù kẹta, tí kò fọwọ́ kàn án, ₦50,000 àkọ́kọ́ máa lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀ kí oṣù kejìlá tó dé. Èkejì máa lo oṣù mẹ́jọ, ẹ̀kẹta oṣù méje, títí dé ti ìkẹwàá tí kò lo oṣù kankan. Ẹ ro àwọn oṣù náà pọ̀: mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Oṣù márùnlélógójì ni. Èlé ₦50,000 fún oṣù kan ní ₦8 lórí ₦100 lọ́dún jẹ́ ₦333 àti díẹ̀. Ní ìlọ́po márùnlélógójì, ó jẹ́ ₦15,000.

Ohun tí nọ́ńbà kẹwàá mú kúrò lápò rẹ̀ nìyẹn. Ní báǹkì ì bá ní ₦515,000 ní oṣù kejìlá, nínú èsúsú ó máa ní ₦500,000.

Ẹ wá wo nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ó dá ₦50,000 tirẹ̀, ó kó ₦500,000, ó kù ú ku ₦450,000 tó máa san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Tó bá gbé e sí báǹkì lásán, òun náà á rí bíi ₦15,000, iye tí ẹni ẹ̀yìn pàdánù gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló máa kó èsúsú gbé e sí báǹkì? Ó fẹ́ ra ọjà ni. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ olówó èlé tó ń gba ₦5 lórí ₦100 lóṣù ló ti fẹ́ yá owó náà, tó sì ń dá a padà bó ṣe ń dá èsúsú yìí, èlé tó máa san máa tó ₦112,500. Èsúsú gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Kò sí àkáǹtì ìfowópamọ́ kankan ní Èkó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, nítorí báǹkì kì í yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ₦50,000 síbẹ̀ ní ₦450,000 láìgba èlé.

Láàárín àwọn méjèèjì, ìṣírò kúkúrú kan wà tí ẹ lè ṣe lórí fóònù. Gbogbo owó tí ẹnì kan ń kó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8, ẹ pín in sí 100, ẹ tún pín in sí 12. Tiwa jẹ́ ₦3,333. Ìyẹn ni iye tí ẹ jèrè bí ẹ bá fi nọ́ńbà kan sún síwájú, òun náà lẹ pàdánù bí ẹ bá fi ọ̀kan sún sẹ́yìn. Nọ́ńbà karùn-ún àti ìkẹfà wà ní àárín gan-an, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta nọ́ńbà kejì fún yín kí ẹ fi ìkẹta yín gbà á, tó ní kí ẹ fi ₦20,000 sí i, ẹ ti mọ iye tó yẹ kó jẹ́ ní ojú báǹkì. Ẹ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọjà yín bá ń yára jèrè, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ san jù.

Mo ti sọ̀rọ̀ èlé báǹkì bí ẹni pé owó ń dàgbà níbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ ìṣirò ìjọba kéde pé owó ọjà fi 34.8 lórí 100 lé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, báǹkì sì ń san bíi 8. Ẹ jẹ́ ká ní ọjà kan ń fi ₦2 lórí ₦100 lé lóṣooṣù. Ohun tí ₦500,000 rà ní oṣù kẹta máa fẹ́ bíi ₦597,500 ní oṣù kejìlá. Lójú èyí, ₦15,000 tí nọ́ńbà kẹwàá pàdánù kéré. Ohun tó jẹ ẹ́ jù ni pé ọjà sáré kọjá lára rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ì báà jẹ́ nínú èsúsú, ì báà jẹ́ ní báǹkì. Ìdí nìyí tí oṣù tí ẹ nílò owó fi ṣe pàtàkì ju èlé lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka àwọn tó wà níwájú yín

Lórí ààbò, báǹkì ní ohun tí èsúsú kò ní. NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdójútòfò owó ìfowópamọ́, máa ń san owó fún ẹni tí báǹkì rẹ̀ bá kú. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, iye tó ń dúró fún ti di ₦5,000,000 fún ẹnì kan ní báǹkì ńlá kọ̀ọ̀kan, àti ₦2,000,000 ní báǹkì alábọ́dé tí à ń pè ní màíkúrófáínáǹsì. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Báǹkì Heritage. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ₦5,000,000 lọ rí gbogbo rẹ̀ gbà, BVN ni wọ́n sì fi wá àkáǹtì tó ní ní báǹkì mìíràn tí wọ́n san án sí. Ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró de ohun tí wọ́n bá tà nínú dúkìá báǹkì náà, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ pín fún wọn ní ọdún 2025 jẹ́ kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan. Nítorí náà, ẹ wo àmì NDIC lẹ́nu ọ̀nà báǹkì tàbí lórí fóònù kí ẹ tó kówó síbẹ̀, ẹ sì rí i pé BVN àti NIN yín wà lórí àkáǹtì náà.

Èsúsú kò ní NDIC. Ẹni tó ń dúró fún owó yín ni àwọn tó ti kó ṣáájú yín. Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ ìkẹwàá, owó yín tó wà lọ́wọ́ èèyàn ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkówó yín jẹ́ ₦450,000. Bí ó bá jẹ́ ìkarùn-ún, ₦200,000 ni. Bí ó bá jẹ́ ìkìn-ín-ní, owó yín kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; ẹ̀yin ni owó àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ yín.

Látàrí èyí, èmi kò fara mọ́ kèké ṣíṣẹ́ láìwo ojú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, tí a kò tíì mọ ilé rẹ̀, ìdajì ẹ̀yìn ni kó ti mú nọ́ńbà, kó kọ́kọ́ fi oṣù márùn-ún hàn wá pé òun ń dáwó. Ẹni tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kó lọ. Bákan náà ni ẹni tó ń dá ọwọ́ méjì: ọwọ́ kan lè wà níwájú, èkejì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kí ohun kan tiẹ̀ lè dá a dúró.

Ní ti olórí tó máa ń kó nọ́ńbà kìn-ín-ní nítorí làálàá rẹ̀, àṣà ni, mo sì mọ̀ pé ẹnu mi kò lè yí i. Kí ẹ kàn béèrè pé ṣọ́ọ̀bù wo ló jẹ́ tirẹ̀, ọdún mélòó ló ti wà níbẹ̀, èsúsú mélòó mìíràn ló tún ń ṣe olórí rẹ̀ lásìkò yìí. Olórí tó ń fi owó èsúsú kan dí ihò òmíràn ni ó máa ń sá jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí owó má sì gba ọwọ́ olórí

Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ibi tí oníkálukú ti ń tajà, iye tó ń dá, nọ́ńbà tó máa kó àti oṣù rẹ̀, ọjọ́ ìdáwó, àti onígbọ̀wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú buwọ́ lù ú, oníkálukú sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ tí kò tíì kó, kí owó tirẹ̀ wà níwájú tí a lè dì mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tó fi ọkàn wa balẹ̀ jù láti ìgbà tí a ti ń ṣe é: àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó kàn, wọ́n á sì ju àwòrán rìsíìtì sórí Wásáàpù ẹgbẹ́. Olórí kò fọwọ́ kan owó, kíkà ni tirẹ̀. Tíráńsífà ₦50,000 ń jẹ ₦25, owó òǹtẹ̀ ìjọba sì jẹ́ ₦50. Bí ẹ bá fi ₦1 lé ₦50,000, ₦25 yẹn di ₦50, ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Ẹ tún ṣọ́ rìsíìtì. A ti rí èyí tí wọ́n ṣe lórí fóònù lásán. Ẹni tó kàn ló gbọ́dọ̀ sọ pé "ó ti wọlé" lẹ́yìn tó wo àkáǹtì rẹ̀, kì í ṣe àwòrán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹnì kan bá kó, tí kò dá mọ́

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ẹni tó kó nọ́ńbà kẹta kò dáwó ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ti dá ₦150,000, ó kó ₦500,000, ó kù ú ku ₦350,000. Àmì rẹ̀ kò pẹ́ kó tó hàn: ní oṣù tó kó yẹn gan-an ló ti ń béèrè bóyá a lè sún ọjọ́ ìdáwó síwájú, ó wá kúrò lórí Wásáàpù ẹgbẹ́, ó ní fóònù òun bàjẹ́.

Ẹ wo bí ìṣòro náà ṣe rí ní ti gidi kí ẹ̀rù tó ba yín. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣíwọ́, ẹni kẹrin dé ìkẹwàá, oníkálukú máa kó ₦450,000 dípò ₦500,000. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n kò pa wá. Ohun tó ń pa èsúsú ni pé àwọn tó ti kó máa wí pé, "Tí kò bá dá, kí nìdí tí èmi fi máa dá?" Nígbà tí nọ́ńbà kìn-ín-ní àti èkejì bá sọ bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀yìn ti tán. Nítorí náà, ọjọ́ kejì gan-an ni kí ẹ pe ìpàdé, kí àwọn tó ti kó ṣáájú kọ́kọ́ dáwó lójú gbogbo èèyàn.

Tiwa, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ san oṣù méjì. Àwa mẹ́ta lọ bá a nílé ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú ojú ìwé tó buwọ́ lù, a kò pariwo. Ọjà rẹ̀ ló há sí èbúté. Ó gbà láti máa san ₦15,000 lọ́sẹ̀, ó sì san án tán lẹ́yìn tí èsúsú ti parí, pẹ̀lú ti onígbọ̀wọ́. Bí kò bá gbà ni, ibi tí a ì bá lọ kàn ni ibùdó ìlàjà ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí wọn kì í gba owó. Lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù gbèsè kéékèèké, tí Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Èèyàn lè sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìgba lọ́yà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó náà. Ìwé tí ẹ buwọ́ lù àti àkọsílẹ̀ tíráńsífà ni ẹ̀rí yín níbẹ̀. Ẹni tó dá owó bébà láìkọ ohunkóhun, ẹnu rẹ̀ nìkan ló mú lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ tí ẹ bá kó

Bí ẹ kò bá ní lo owó náà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ gbé e sí àkáǹtì ìfowópamọ́ tí ẹ kò so mọ́ káàdì tí ẹ fi ń ra epo. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí wọn kì í sábà sọ fúnni nígbà tí ẹ bá ń ṣí i: bí ẹ bá gba owó jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù kan, èlé oṣù yẹn lọ. Ẹni tó ń fi àkáǹtì ìfowópamọ́ ra búrẹ́dì lójoojúmọ́ kò rí èlé kankan rí, ó sì ń rò pé báǹkì ló jí i.

Ẹ yọ ìdáwó oṣù tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú. Bí ẹ bá kó nọ́ńbà kejì, ẹ fi ₦100,000 sílẹ̀, kí ọjà tó bá lọ́ra fún oṣù méjì má bàa sọ yín di ẹni tí wọ́n ń wá lọ sílé.

Ní ti ìyá ẹlẹ́ja, mo gbé ìṣírò mi lọ bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, "Mà, oṣù wo lẹ fẹ́ lo owó yìí?" Ó ní oṣù kẹwàá ni òun máa ń kó ẹja pọ̀, kí ti ọdún tó gbówó lórí. Mo ní, "Nọ́ńbà kẹjọ nìyẹn. Ẹ̀yìn pátápátá ni ₦15,000 ti lọ. Tí ẹ bá wà ní kẹjọ, bíi ₦8,300 ni, ẹ ó sì ra ẹja ní owó oṣù kẹwàá."

Ó ronú díẹ̀. Ẹni tó mú nọ́ńbà kẹjọ ń gbé ní Mushin, oṣù kìíní ni owó ilé rẹ̀ ń pé, ó sì ti ń kọminú pé òun máa ná owó náà kó tó dìgbà yẹn. Ìyá ẹlẹ́ja pè é lójú mi.

"Àbúrò, ṣé wàá bá mi pààrọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n gba kẹwàá yín, mà. Ẹ ṣáà fún mi ní ẹja díẹ̀ sí i."

Mo fa ilà pupa sí orúkọ méjèèjì nínú ìwé, wọ́n buwọ́ lù ú, mo sì tún fọ́tò rẹ̀ yà sórí Wásáàpù ẹgbẹ́.